Òfin Ni Ọ̀gá Gbogbo Wa: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Girama ní Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ súnmọ́ iwájú, àyè ṣì wà.

Òfin ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Olùkọ́ yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìṣàkóso òfin, ó sì ti gba ìbéèrè yín jọ fún mi. Mo kà wọ́n lálẹ́ àná. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ ò fi orúkọ sí i: "Ṣé ọlọ́pàá lè mú màmá mi nítorí pé wọn ò rí ẹ̀gbọ́n mi?" Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Màá dáhùn ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Gbogbo ìlú ló ní òfin. Ìlú tí aláìláàánú ń jẹ gàba lé lórí náà ní òfin, ó tiẹ̀ lè pọ̀ ju tiwa lọ. Ohun tá à ń pè ní ìṣàkóso òfin yàtọ̀ sí pé kí òfin kàn wà. Ó jẹ́ pé ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an ni òfin kọ́kọ́ dè. Gómìnà ò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí òfin ò fún un láṣẹ láti ṣe. Ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ nawọ́ mú ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òfin ní kó mú un. Tí àríyànjiyàn bá sì dé, adájọ́ tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni ni yóò dá a, tọ̀túntòsì yóò sì gbà.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ ò yẹ kẹ́ ẹ ka èyí sí nǹkan àjèjì. Aláàfin ní agbára, síbẹ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì wà. Bí ọba bá ti tàpá sí ohun tó gbé e dórí oyè, wọ́n lè gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ó sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Baṣọ̀run Gáà. Òun ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, òun ló yẹ kó máa ṣọ́ ọba. Nígbà tí kò wá sí ẹni tó ń ṣọ́ òun náà, ó ń fi ọba jẹ, ó ń pa ọba, àwọn ọmọ ẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, títí Aláàfin Abíọ́dún fi borí ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1774. Ẹ gbọ́ ọ rí: bí o láyà kó o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kó o sọ òótọ́. Èmi rí nǹkan míì kún un. Tá a bá yan ẹnì kan láti máa káwọ́ alágbára, ẹni yẹn náà gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò káwọ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìpínlẹ̀ tiwa. Púpọ̀ nínú yín ò tíì sí láyé lọ́dún 2006. Ráṣídì Ládọjà, tó wá di Olúbàdàn ní 2025, ni gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ìjà òṣèlú le, àwọn alágbára ìlú ò fẹ́ ẹ mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, aṣòfin méjìdínlógún nínú méjìlélọ́gbọ̀n jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò láti yọ gómìnà. Nígbà tó fi di oṣù kìíní ọdún 2006, wọ́n ti yọ ọ́, igbákejì ẹ̀ sì ti gorí àga.

Ẹ jẹ́ ká ṣí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 188. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń yọ gómìnà. Wọ́n á kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, wọ́n á fi han gómìnà, Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ á yan ẹni méje tí kì í ṣe olóṣèlú láti wádìí, gómìnà á lè gba agbẹjọ́rò kó sì wí tẹnu ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta méjìlélọ́gbọ̀n jẹ́ mélòó? Ó lé díẹ̀ ní mọ́kànlélógún, ìyẹn ni pé ẹni méjìlélógún ni wọ́n nílò. Méjìdínlógún ò tó o. Hòtẹ́ẹ̀lì kì í sì í ṣe ilé aṣòfin.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìyọnípò náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn, Ládọjà sì padà sórí àga lẹ́yìn oṣù mọ́kànlá. Kó máa jẹ́ pé ẹ rò pé ilé ẹjọ́ sọ pé ó ṣèjọba dáadáa. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé wá síwájú wọn. Wọ́n ní kódà ẹni tó yẹ kí ẹ yọ, ọ̀nà wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà yọ ọ́. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìlànà ni ìyẹn, pé agbẹjọ́rò ló máa ń ṣe wàhálà lórí ẹ̀. Mi ò gbà. Ìlànà yẹn ni odi tó dúró láàárín gbogbo wa àti ẹni tí inú ń bí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ mi ni ti Ojukwu. Ẹ ti kà nípa ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970. Ojukwu ló ṣe olórí Bìáfírà, ó gbé ìbọn dojú kọ ìjọba Nàìjíríà. Ó padà wálé lẹ́yìn tí ìjọba dárí jì í, ó ń gbé ilé kan ní Ìkòyí l'Ékòó tí òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Sójà ló ń ṣèjọba nígbà yẹn. Ẹjọ́ ṣì wà níwájú kóòtù nígbà tí ìjọba rán àwọn agbófinró lọ lé e jáde pẹ̀lú ẹrù ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé. Ìjọba kọ̀, wọ́n gba Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lọ pé kí wọ́n bá àwọn dá àṣẹ yẹn dúró ná.

Ọdún 1986 ni. Ẹ fojú inú wo àwọn adájọ́ yẹn. Sójà lè lé wọn kúrò níṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀tá ìjọba tẹ́lẹ̀ ló sì wà níwájú wọn, ẹni tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ò fẹ́ràn. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ àṣẹ kóòtù mọ́lẹ̀ ò lè tún wá tọrọ ojúrere lọ́wọ́ kóòtù kan náà, ìjọba sì ni ó yẹ kó kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún òfin. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá òfin ló ń ṣàkóso ní ìlú kan: ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò ní bá sunkún.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1970, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ fún Lakanmi, tí ìjọba gba dúkìá ẹ̀. Kò pé oṣù kan tí àwọn sójà fi ṣe òfin tuntun tó sọ ìdájọ́ yẹn di asán. Lọ́dún 1984, ìjọba sójà míì ṣe òfin tó fi ikú jẹ ẹni tó bá gbé oògùn olóró níyà, wọ́n sì ní kó padà sẹ́yìn mú àwọn tó ti ṣẹ̀ kí òfin náà tó wà. Wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta l'Ékòó lọ́dún 1985. Mi ò ní ohun rere kan láti sọ nípa oògùn olóró. Ṣùgbọ́n kí o ṣe nǹkan lónìí tí ìjìyà ẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n wá yí i padà sí ikú lọ́la kí wọ́n sì fi mú ọ, ìwà ìkà ni. Abala 36 nínú Ìwé Òfin wa kọ̀ ọ́ báyìí, ó sì ní ìwà tí òfin tó wà lákọsílẹ̀ ò pè ní ẹ̀ṣẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jẹ ọ́ níyà lórí ẹ̀ ní kóòtù.

Ó yá, ìbéèrè ọmọ wa. Rárá, ọlọ́pàá ò lè mú màmá rẹ dípò ẹ̀gbọ́n rẹ. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ ní tààrà pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan rọ́pò ẹlòmíràn. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni kí wọ́n wá. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣe é, bàbá àgbàlagbà ń sùn ní àtìmọ́lé nítorí ọmọ. Pé wọ́n ń ṣe é ò sọ ọ́ di òfin. Ẹni tí wọ́n bá sì mú, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú un sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tó gbọ́. Ó lè dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Béèlì kì í ṣe títà. Bí kò bá sówó agbẹjọ́rò, àjọ ìjọba kan wà tó ń gba ẹjọ́ àwọn tí kò lówó rò. Abala 35 ni púpọ̀ nínú èyí wà. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ ti ẹ̀yin gan-an. Ní ọjà, ẹnì kan pariwo pé "Olè!", ọmọ kan ń sá, fóònù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ẹ tó mọ̀, ẹnì kan ti mú táyà, òmíràn ti ń wá epo bẹntiróòlù. Ẹ̀yin náà ti yọ fóònù láti ya fídíò. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló ni fóònù, kò sẹ́ni tó gbọ́ tẹnu ọmọ yẹn. Lọ́dún 2012 ní Alúù, nítòsí Pọ́tákọ́ọ̀tù, ariwo olè yìí ni wọ́n fi lu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, tí wọ́n sì dáná sun wọ́n. Èèyàn ló dúró yí wọn ká tó ń wò. Bí a bá ń bínú sí gómìnà tó yẹra fún kóòtù, a ò lè máa dájọ́ ikú lójú títì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, aláìṣẹ̀ ni títí kóòtù yóò fi dá a lẹ́bi. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ké sí àgbà, ẹ ké sí ọlọ́pàá, ẹ má ju òkúta, ẹ má sì gbé táyà fún wọn.

Ẹni tó béèrè nípa ààbò tí òfin fún gómìnà, pé a ò lè mú un tàbí pe òun fúnra ẹ̀ lẹ́jọ́ nígbà tó wà lórí àga, abala 308 ló wà. Ààrẹ, gómìnà àtàwọn igbákejì wọn nìkan ló kàn. Mínísítà ò sí níbẹ̀, sẹ́nétọ̀ ò sí níbẹ̀, alága káńsù ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí sáà wọn bá pín ni ààbò náà pín, ọ̀pọ̀ gómìnà tẹ́lẹ̀ ló sì ti dúró níwájú adájọ́. Kódà nígbà tí wọ́n wà lórí àga, a lè pe ìjọba wọn lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Lójú tèmi, ààbò yẹn gbòòrò ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ owó ìlú. Olùkọ́ yín lè ní èrò míì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiẹ̀ náà. Àyè ìbéèrè ti ṣí. Ìwọ tó nawọ́ lókè yẹn, dìde, kó o sọ ọ́ sókè kí gbogbo wa gbọ́.