OMI ÌDÍ TÒMÁTÌ

Fíìmù kúkurú. Ibi tí a ti yà á: oko kan létí odò, lẹ́yìn ìlú Ìsẹ́yìn, Òkè-Ògùn, oṣù Kejì.

[ÌRÓ: Àkùkọ kọ. Pọ́ńpù kékeré ń kù; omi ń dà ṣọ̀ọ̀ sínú tánkì.]
[ÀWÒRÁN: Tánkì dúdú lórí pèpéle onígi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun àkàsọ̀, ó yọjú wo inú rẹ̀. Wọtakáàn méjì dojú dé nílẹ̀.]

ÀGBẸ̀: Wọtakáàn yìí ni mo fi ń pọnmi látodò tẹ́lẹ̀. Kí n tó dé ìpẹ̀kun oko, ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ á ti gbẹ. Èjìká ni mo fi ń ṣàgbẹ̀ nígbà yẹn.

ASỌ̀TÀN: Tánkì náà fi bíi mítà kan ààbọ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Omi á gba inú asẹ́ kọjá sí páìpù ńlá, á wá pín sínú àwọn rọ́bà dúdú tí wọ́n tẹ́ sórí ebè. Ní sẹ̀ńtímítà 30 síra wọn, ihò wà lára rọ́bà. Ìdí ihò kọ̀ọ̀kan, tòmátì kan.

[ÌRÓ: Ó ṣí ẹnu páìpù. Ẹ gbé gbohùngbohùn sún mọ́ ilẹ̀: tó... tó... tó. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ẹ má fi orin kankan sí i.]

ÌYÁ: Ọkọ mi, o ní o ti bomi rinko, àárín ebè sì gbẹ táútáú. Omi ọ̀hún dà?

ÀGBẸ̀: Màmá, ẹ fọwọ́ wa ìdí eléyìí.

[ÀWÒRÁN: Ọwọ́ ìyá nínú ilẹ̀. Òkè rẹ̀ jẹ́ eruku. Ìsàlẹ̀ dúdú, ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ ìka.]

ÌYÁ: Háà!

ASỌ̀TÀN: Gbígbẹ àárín ebè yẹn gan-an lèrè: koríko kì í rómi mu níbẹ̀. Ewé tòmátì náà kì í tutù, àrùn tí ọ̀rinrin ń fà sì ń dín kù.

OLÙBÉÈRÈ: Kí ló wá ń dààmú yín?

ÀGBẸ̀: (Ó rẹ́rìn-ín.) Ẹrẹ̀ odò. Bó bá dí ihò, tòmátì á ti rọ kí n tó mọ̀. Mo máa ń fọ asẹ́ láràárọ̀, mo sì máa ń ṣí ìdí rọ́bà kí ẹrẹ̀ tú dànù. Òùngbẹ ń gbẹ eku náà, wọ́n á gé rọ́bà jẹ. Iṣẹ́ ò tán o, ó kúrò léjìká ni, ó bọ́ sójú.

OLÙBÉÈRÈ: Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ tòmátì yìí loṣù Kejì. Kò pẹ́ jù?

ÀGBẸ̀: Tòmátì Òkè Ọya ló kún ọjà báyìí. Tiwọn á ti máa tán lọ kí tèmi tó pọ́n.

ÌYÁ: Rọ́bà yẹn gbọ́dọ̀ dé ìdí ata tèmi náà.

ÀGBẸ̀: Màmá, ẹ bá mi dá owó ẹ̀.

[ÌRÓ: Ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Ẹ gé e síbẹ̀.]