Títà: Kọ́ìlì Púlọ́ọ̀gì Àlòkù Mẹ́rin fún Ẹ́ńjìnnì Tòyótà 1ZZ-FE, Nọ́ńbà 90919-02239

Kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mo gbé kalẹ̀ fún títà. Ojúlówó Dẹ́ńsò ni wọ́n, irú èyí tí ó máa ń bá ọkọ̀ Tòyótà jáde láti ilé-iṣẹ́, mo sì yọ wọ́n lára Kòrólà ọdún 2005 kan tí ọkọ̀ mìíràn kọ lù láti ẹ̀yìn. Iwájú ọkọ̀ náà kò fara gbá rárá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere ní ọjọ́ tí mo tú wọn, kìlómítà 148,000 ni ó sì wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tú wọn, nítorí náà mo mọ sílíńdà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mò ń tà pọ̀. N kò ní yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí orí kọ̀ọ̀kan wọn ni 90919-02239, ó sì ṣeé kà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìlo awò. Bí kọ́ìlì tí ó wà lára ọkọ̀ yín bá ní nọ́ńbà 90080-19015, 90080-19019 tàbí 90919-02262, àwọn wọ̀nyí lè rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí àwọn olùtajà jùmọ̀ ń lò yóò rí i lábẹ́ UF247.

Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE oníwọ̀n lítà 1.8 ni wọ́n wà fún. Ọkọ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì yìí, tí mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún, ni Tòyótà Kòrólà láti ọdún 2000 sí 2008, Mátíríìsì láti 2003 sí 2008 àti ìkejì rẹ̀ tí í ṣe Pọ́ńtíákì Fáìbù ní ọdún kan náà, Sẹ́líkà GT àti MR2 Sípáídà láti 2000 sí 2005, àti Ṣẹfúrólẹ́ẹ̀tì Pírísìmù láti 2000 sí 2002. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ nìkan ra ọjà yìí. Kòrólà 1998 àti 1999 ń lo ètò iná mìíràn, kọ́ìlì kan kò sì jókòó lórí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Kòrólà 2009 sókè ti gba ẹ́ńjìnnì mìíràn. Sẹ́líkà GT-S, Mátíríìsì XRS àti Kòrólà XRS ní ẹ́ńjìnnì 2ZZ-GE, wọn kò sì sí nínú ohun tí mò ń tà yìí. Kámírì oníwọ̀n 2.4 ń gba 90919-02244, nígbà tí Ẹ́kò àti Yárísì tí ó ní 1NZ-FE ń gba 90919-02240. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn oníbàárà ti dá irú ọjà yìí padà fún mi nítorí pé ó “jọ” ti ara ọkọ̀ wọn. Ẹ ṣí ìderí oníke orí ẹ́ńjìnnì, ẹ ka nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé sí mi.

Ní ti ipò tí wọ́n wà, mo ti fi àmì ọ̀dà funfun sí abẹ́ etí kọ̀ọ̀kan, láti ìkíní dé ìkẹrin, mo sì ń sọ àbùkù wọn bí mo ti rí i. Ìkíní àti ìkẹrin kò ní àléébù kankan yàtọ̀ sí pé àwọ̀ dúdú wọn ti ṣá díẹ̀ nítorí ooru. Ìkejì ní ìpata fẹ́ẹ́rẹ́ nínú irin róbótó tí bóòtù ń gbà kọjá. Mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, bóòtù sì ń wọlé láìfipá. Ìkẹta ni kí ẹ wò dáadáa: ẹnu rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ó ti ń gbá orí púlọ́ọ̀gì mú, ya ní ìwọ̀n mìlímítà 4. Bí mo bá fi ìka fẹ ẹnu rọ́bà náà ni yíya ọ̀hún ń hàn. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó máa ń pa dé. Kò dé ibi tí iná ń gbà kọjá, n kò sì fi gúlúù bò ó, kí ẹni tí yóò rà á lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Píìnì mẹ́rin tí ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́, wọ́n dúró ṣánṣán, kò sì sí epo ẹ́ńjìnnì nínú rọ́bà kankan.

Bí a ti dán wọn wò nìyí. Ẹ̀rọ tí ń darí iná wà nínú kọ́ìlì yìí fúnra rẹ̀, nítorí náà mítà tí a fi ń wọn wáyà kò lè sọ gbogbo òtítọ́ nípa rẹ̀, ẹ má sì gba ẹni tí ó bá sọ pé òun fi mítà nìkan mọ̀ pé ó dára. Inú ọkọ̀ tèmi, tí ó ní 1ZZ-FE, ni mo kó wọn sí fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo wà á ní òwúrọ̀ tútù, mo wà á gun òkè pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù ní títàn, sikánà kò sì gbé kóòdù kankan jáde láti P0300 dé P0304, tí ń sọ pé sílíńdà kò tan iná dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí P0351 sí P0354, tí ń tọ́ka sí kọ́ìlì tàbí wáyà rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ṣe àyẹ̀wò kékeré kan. Bí sikánà bá ní P0301, kí ó gbé kọ́ìlì sílíńdà kìíní sí orí ìkejì, kí ó pa kóòdù rẹ́, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà. Bí kóòdù bá di P0302, kọ́ìlì ni ó bàjẹ́. Bí ó bá dúró sí P0301, ọjà mi kò ní wúlò fún yín, púlọ́ọ̀gì tàbí ínjẹ́tọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìfọwọ́sọ̀yà mi jẹ́ ọgọ́ta ọjọ́, láti ọjọ́ tí ọjà bá dé ọwọ́ yín. Bí èyíkéyìí bá kọ̀ láti tan iná láàárín àkókò yìí, èmi yóò fi òmíràn tí mo ti dán wò rọ́pò rẹ̀. Bí n kò bá ní òmíràn, èmi yóò dá gbogbo owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ àlọ àti àbọ̀. Bí wọn kò bá bá ọkọ̀ yín mu, tí ọkọ̀ náà sì wà nínú àwọn tí mo dárúkọ, ẹ dá wọn padà láàárín ọjọ́ méje, ẹ ó sì gba owó yín pé.

Ìfọwọ́sọ̀yà yìí kò kan kọ́ìlì tí etí rẹ̀ fọ́ nítorí pé a fún bóòtù jù. Níútìnì-mítà 9 péré ni ó yẹ kí a fi fún un. Kò kan èyí tí epo bò mọ́lẹ̀ nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì tí ń jò, nítorí epo máa ń sọ rọ́bà di rírọ̀ títí iná yóò fi máa sá lọ sára irin. Púlọ́ọ̀gì yín pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dára, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ má ju mìlímítà 1.1 lọ: bí àlàfo bá ti fẹ̀ sí i ni kọ́ìlì ń fipá ṣiṣẹ́ sí i. Bí àmì ọ̀dà funfun mi bá ti kúrò lára kọ́ìlì tí ẹ dá padà, n kò ní gbà á.

Inú páálí ni mo máa ń kó wọn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fóòmù tirẹ̀, pẹ̀lú bóòtù wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti rìsíìtì tí a kọ ọjọ́ ìfọwọ́sọ̀yà sí. Ẹ fi nọ́ńbà tí ó wà lára kọ́ìlì yín àti ọdún ọkọ̀ yín ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó, èmi yóò sì dá yín lóhùn ní ọjọ́ kan náà.