Lẹ́tà sí Yèyé mi ní Iléṣà: ìdí tí n kò fi ní lè wálé lọ́dún yìí

Leeds,
Ọjọ́ 23, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìmúra ọdún. Mo ní kí Kẹ́hìndé tẹ lẹ́tà yìí sórí ìwé, kó sì kà á fún yín lẹ́ẹ̀mejì, torí gbogbo ìgbà tí a bá ti ń sọ ọ́ lórí fóònù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já wa kí n tó dé ibi tó ṣe pàtàkì.

N kò ní lè wà níbi ìrántí ọdún kẹwàá Bàbá ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Kì í ṣe owó tíkẹ́ẹ̀tì ló dí mi lọ́wọ́, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ náà kò sì ní kí n má lọ. Páálí ni.

Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ni físà mi parí. Kí n tó lè bèèrè òmíràn, ilé ìwòsàn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún mi ní ìwé ìgbọ̀wọ́, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ló sì tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ ní ọjọ́ 12. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí èsì tó dé, ìyẹn ni pé ó lè di ọjọ́ 7 oṣù Kìíní. Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi ń sanwó kún un kí wọ́n lè tètè dáhùn, ṣùgbọ́n iye èèyàn tí wọ́n ń gbà níwọ̀n, kò sì sí àyè mọ́ nígbà tí mo fi tèmi ránṣẹ́.

Òfin tó wà níbẹ̀ nìyí, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ó yé yín: ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ ìjọba, tó bá jáde kúrò nílùú kí èsì tó dé, wọ́n á kà á sí pé ó ti fúnra rẹ̀ fa ìbéèrè náà padà. Wọn kì í bèèrè bóyá òkú ló lọ sin tàbí ìyàwó ló lọ gbé. Tí mo bá wá, tí ọjọ́ 19 sì kọjá, kò ní sí físà tí mo máa fi padà. Ọ̀tun ni màá bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà: ìwé ìgbọ̀wọ́ mìíràn, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé àyẹ̀wò tí wọ́n fọwọ́ sí, ìka títẹ̀, àti ìdúró. Ibi iṣẹ́ kò ní san owó oṣù fún mi ní gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n sì lè fi ẹlòmíràn dípò mi.

Ẹ ti sọ pé ọmọ Màmá Ìsọ̀nà wá lọ́dún tó kọjá, ó sì padà láìsí wàhálà. Òótọ́ ni. Físà tirẹ̀ ṣì ní ọdún kan lára nígbà náà, kò sí ìbéèrè kankan tó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé wọ́n máa lé mi tí ọjọ́ 19 bá pé. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ kí físà tó parí, òfin gbà kí n máa gbé, kí n sì máa ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ títí èsì yóò fi dé.

Ohun kejì ni kíka ọdún. Ọdún márùn-ún ni ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ń lò kó tó lè bèèrè ìwé ìgbé ayérayé. Mo ti lo ọdún mẹ́ta. Ìbẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè bà á jẹ́, torí wọ́n gbà kí èèyàn wà lẹ́yìn odi tó 180 ọjọ́ láàárín oṣù méjìlá. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí físà já sẹ́yìn èèyàn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún yìí ni ìjọba ibí sì ti ń sọ pé àwọn fẹ́ sọ ọdún márùn-ún di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nílẹ̀, n kò jẹ́ fi ọdún mẹ́ta mi ta tẹ́tẹ́.

Ìsinmi ọdún tuntun níbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin. Mo ti bèèrè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Àjíǹde. N kò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì àyàfi tí èsì bá dé, torí náà, ẹ má tíì sọ fún ará ilé pé mò ń bọ̀.

Ní ti ìrántí Bàbá, mo ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 náírà ránṣẹ́ sí àpò Kẹ́hìndé. Ìdajì àpò ìrẹsì, ìyẹn kílò 25, tó fún ọgọ́fà èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní kí ẹ ra odidi àpò. Iyán àwọn àgbà nìkan ni kí ẹ gún, ẹ sì tètè ra iṣu ní ọjà Atakúnmọ́sà kó tó di ọ̀sẹ̀ Kérésì, nítorí ọjà máa gbówó lórí. Aṣọ ẹbí ti àwọn ọmọ nìkan ni mo sanwó fún. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé dúró síwájú ní àyè mi nígbà àdúrà, àkọ́bí kọ́ ni ṣùgbọ́n Bàbá kò ní bínú sí i.

Àsìkò yìí ni àwọn oníjìbìtì ń pe àwọn ìyá tó ní ọmọ lókè òkun. Tí ẹnì kan bá pè pé ẹrù mi wà ní pápákọ̀ òfurufú, kí ẹ wá san owó aṣọ́bodè, ẹ pa fóònù. N kò fi ẹrù kankan ránṣẹ́. Ẹ má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó bá ní báǹkì lòun ti ń pè.

Ẹ̀rọ ìfúnpá tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ẹ má wọ̀n ọ́n kété tí ẹ bá ti ọjà dé. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Ẹ ká apá aṣọ sókè, kí ẹ má wé ẹ̀rọ náà lé orí bùbá. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sáàárín, kí Kẹ́hìndé kọ méjèèjì sílẹ̀ fún dókítà ní Wẹ́sílè Gíúùdù. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ má ra ibuprofen lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn, ó máa ń gbé ìfúnpá sókè. Parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò, kí ó má ju hóró méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà láàárín. Oògùn ìfúnpá yín kò gbọdọ̀ já, kódà lọ́jọ́ tí ara bá yá gágá.

Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín. Ó dùn mí náà, Yèyé mi, ẹ má rò pé mo fi ẹnu lásán sọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ pè mí kí ẹ bínú sí mi létí. Ìyẹn sàn fún mi ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti Iléṣà, màá pè orí fóònù Kẹ́hìndé. Kó ti ra dátà sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀