Àdéhùn Wa Lórí Ṣọ́ọ̀bù Àńkárá ní Balógun

Èmi Ṣadé àti ọ̀rẹ́ mi Bísí la jọ kọ èyí ní Súrùlérè, torí a ò fẹ́ kówó ba ọ̀rẹ́ ọdún méjìlá jẹ́.

Owó tá a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 1,200,000 náírà. Ṣadé mú 700,000 wá, Bísí mú 500,000, àmọ́ Bísí ló máa dúró ní ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ dalẹ́, nítorí ẹ̀ ìdajì-ìdajì la máa pín èrè lóṣooṣù, tá a bá ti yọ owó rẹ́ǹtì àti ti jẹnẹrétọ̀. Àdánù náà, ìdajì-ìdajì ni.

Ṣadé á máa ra ọjà, á sì máa dá kọ́sítọ́mà lóhùn lórí Wásáàpù. Bísí ló ni títà, kò gbọ́dọ̀ tàwìn tó ju 20,000 lọ láìsọ fún Ṣadé, inú ìwé búlúù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù la máa kọ gbogbo àwìn sí, àní kó jẹ́ yáàdì kan tí ìyá wa mú. Àwa méjèèjì la máa sáìn kówó tó jáde ní báǹkì.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò, kó sọ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. A máa jọ ka ọjà, iye tá a rà á la máa fi ṣírò ẹ̀, ká yọ gbèsè, kí kálukú gba owó tó mú wá, ká pín èyí tó bá lé sí méjì. Tí ò bá pé, àdánù nìyẹn. Ẹni tó kù ló ni ṣọ́ọ̀bù, á san owó ẹnì kejì díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ. Tí ikú bá dé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ ẹni tó kú la máa san án fún.

Ṣadé ti sáìn, Bísí ti sáìn, Màmá Bísí ni ẹlẹ́rìí.