Ìgbèjà iṣẹ́ àṣekágbá: ètò àkọsílẹ̀ ìwọ̀n kajú fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ṣábẹ

Ẹ kú ìjókòó o, alága ìgbìmọ̀. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùyẹ̀wò, àti olùkọ́ tó darí iṣẹ́ mi. Mo kí Ìyá akọ̀wé ẹgbẹ́, tí wọ́n gbéra láti Ṣábẹ wá sí Àjàṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kú ìrìn, mà. Faransé ni mo fi kọ ìwé tó wà níwájú yín, ṣùgbọ́n alága ti gbà kí n fi Yorùbá sọ ọ́, kí Ìyá lè gbọ́ láìsí ògbifọ̀. Wọ́n tún ní kí n má tan àwòrán kankan sára ògiri. Kò burú. Àpò kajú kan ni màá tẹ̀ lé láti orí ìwọ̀n títí yóò fi wọ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Gbogbo ibi tó bá gbà kọjá ni ẹ̀yà ètò mi.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Benin ti fòfin de kíkó kajú tútù tí a kò tíì ṣe jáde lọ sókè òkun. Ilé iṣẹ́ tó wà nílé ni a ń tà á fún. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó ọjà jọ kó tà á lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ mọ iye kílò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìwé ni akọ̀wé orí ìwọ̀n ń kọ ọ́ sí lábúlé, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá tó tún ń lọ.

Ohun tí mo fi gbogbo ètò yìí dúró lé kò ju ọ̀kan lọ: ìwọ̀n tí a bá ti wọ̀n kò gbọdọ̀ sọnù, kò sì gbọdọ̀ di méjì.

Ó yá, àpò dé orí ìwọ̀n. Ká ní ó jẹ́ kílò mọ́kànlélọ́gọ́rin àti irínwó gíráàmù, kí àpò òfìfo sì jẹ́ kílò kan. Akọ̀wé tẹ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sínú áàpù, ó tẹ ìwọ̀n. Kí fóònù tó ronú intánẹ́ẹ̀tì rárá, ó ti kọ ọ́ sínú dátábéèsì kékeré tó wà nínú ara rẹ̀, èyí tí í ṣe SQLite. Gíráàmù ni mo fi pamọ́, odindi nọ́ńbà láìní ẹ̀sún: 80400. Ẹ ó béèrè ìdí. Nínú ọ̀pọ̀ èdè ìkọ-ètò, bí ẹ bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, ohun tó máa jáde ni 0.30000000000000004. Ìṣirò owó àgbẹ̀ kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Bí iye kílò kan bá jẹ́ 350 fáránkì, owó àpò yìí jẹ́ 28140, pátápátá.

Àpò yìí kò gbé iye owó kílò sára bí nọ́ńbà lásán. Ó ń tọ́ka sí ìlà kan nínú tábìlì iye owó, níbi tí ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀ wà. Bí iye bá yí padà lọ́la, tàná kò ní yí.

Lẹ́sẹ̀ kan náà tí a kọ ìwọ̀n, a kọ ìlà kejì sínú tábìlì àwọn ohun tó ń dúró de ìfiránṣẹ́. Nínú ìdúnàádúrà kan ṣoṣo ni méjèèjì ń ṣẹlẹ̀: bí ọ̀kan bá kùnà, èkejì kò ní wọlé. Níbí yìí ni mo ti pẹ́ jù nínú iṣẹ́ náà, mi ò sì kábàámọ̀, torí pé bí fóònù bá kú láàárín méjèèjì, ìwọ̀n á wà nínú fóònù tí ẹnikẹ́ni kò ní ránṣẹ́ rẹ̀ láéláé.

Nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dé, áàpù gba orí HTTPS, ọ̀nà intánẹ́ẹ̀tì tó ní ààbò, fi ìlà náà ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ jọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé sáfà gbà á, ó kọ ọ́ sínú PostgreSQL, dátábéèsì tirẹ̀, ó dáhùn pé "mo ti gbà", nẹ́tíwọ̀kì sì já kí ìdáhùn tó dé. Fóònù kò mọ̀. Yóò tún fi ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí fóònù fi fún àpò kọ̀ọ̀kan ní UUID, àmì ìdámọ̀ gígùn tí àpò méjì kì í jọ ní, láti orí ìwọ̀n, kì í ṣe sáfà ló ń fún un. Nígbà tí UUID kan náà bá tún dé, àṣẹ `ON CONFLICT DO NOTHING` ní kí sáfà má kọ nǹkan kan, kó kàn tún dáhùn pé ó ti gbà. Fóònù lè fi ránṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àpò kan ni yóò wà níbẹ̀.

Àṣìkọ ńkọ́? A kì í pa ìlà rẹ́. Akọ̀wé á kọ ìlà mìíràn tó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, orúkọ rẹ̀ á sì hàn lórí méjèèjì. Ojú ìwé tí akọ̀wé àgbà ń wò ní ọ́fíìsì kò ṣe ju kó ro àwọn ìlà wọ̀nyí pọ̀ lọ, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Ẹ̀yà tó kẹ́yìn ni èyí tó ń fi ẹsẹ́mẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí àgbẹ̀. Ó dá dúró: bó bá kú, ìwọ̀n kò dúró. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìṣòro kan pàdé tó kan gbogbo wa. Ẹsẹ́mẹ́ẹ̀sì kan gba lẹ́tà 160 bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bá wà nínú àtẹ GSM, ìyẹn àkójọ lẹ́tà tí a ṣètò fún ẹsẹ́mẹ́ẹ̀sì. "é" ti Faransé wà níbẹ̀. "ẹ" àti "ọ" tiwa kò sí, bẹ́ẹ̀ ni "ɛ" àti "ɔ" tí a ń kọ ní Benin. Ẹyọ kan péré nínú wọn, gbogbo iṣẹ́ náà á bọ́ sí lẹ́tà 70. Mo yàn láti kọ Yorùbá bó ṣe tọ́, mo sì gé ọ̀rọ̀ kúrú: orúkọ, kílò, owó. Ó wọ inú 70.

Ibi tí mo máa dúró nìyí. Ẹ ṣeun, mo ń retí ìbéèrè yín.

ALÁGA: O ṣeun. Nọ́ńbà fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo àgbẹ̀. Kí ló dé tí o ò fi ìyẹn ṣe ìdámọ̀ wọn, tí o tún ń wá nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kiri?

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹ ṣeun, sà. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà Benin kúrò ní mẹ́jọ, ó di mẹ́wàá, 01 sì wọ iwájú rẹ̀. Ká ní òun ni kọ́kọ́rọ́ tábìlì mi, gbogbo ìlà tó ń tọ́ka sí i ni mo ní láti tún ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ àti ìyàwó lè jọ máa lo fóònù kan. Nínú tábìlì mi, nọ́ńbà fóònù wà lára ohun tó lè yí padà.

OLÙYẸ̀WÒ: Bí ọjọ́ inú fóònù akọ̀wé kò bá tọ̀nà ńkọ́?

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Mi ò gbára lé e nìkan, mà. Fóònù ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń lọ sókè, sáfà sì ń kọ àkókò tó gbà á. Bí àlàfo bá wà nínú nọ́ńbà, ojú ìwé ọ́fíìsì á fi hàn pé ìlà kan kò tíì dé.

ÌYÁ AKỌ̀WÉ: Ọmọ mi, o ṣe é dáadáa. Bí fóònù náà bá wá já sómi kí nẹ́tíwọ̀kì tó dé?

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ìyá, ẹ mú mi. Ohun tó bá wà nínú fóònù yẹn tí kò tíì lọ, ti lọ nìyẹn. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí akọ̀wé má tíì ju ìwé rìsíìtì alábala méjì náà nù. Abala kan wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ yín, ó sì ní lẹ́tà mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú UUID lórí. Ẹ lè tún un tẹ̀ láti ọ́fíìsì. Tí fóònù kejì bá wà lórí ìwọ̀n, mo lè jẹ́ kí àkọ́kọ́ máa da ẹ̀dà sínú rẹ̀ nípasẹ̀ Wáìfáì láìsí intánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ apá yẹn.