Àbájáde Ẹ̀kọ́: Síso Wáyà Mọ́ Púlọ́ọ̀gì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ọdún kìíní ni ẹ̀kọ́ oníwákàtí méjì yìí wà fún. Wọ́n ti mọ irinṣẹ́ àti bí a ṣe ń bó wáyà, nítorí náà a kò ní tún ìyẹn kọ́ wọn. Àwọn méjì ni yóò pín tábìlì kan, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni yóò so púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Wáyà tuntun tí a kò tíì so mọ́ ohun èlò kankan ni wọn yóò lò.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò lè ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí lójú olùkọ́:

1. Yóò tọ́ka sí láìfù (búráùn), níútírà (búlúù) àti ẹ́ẹ̀tì (àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ yẹ́lò) láìwo ìwé. Yóò tún dá wáyà àtijọ́ mọ̀, èyí tí láìfù rẹ̀ pupa tí níútírà rẹ̀ sì dúdú, nítorí irú rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé.

2. Yóò fi 230, ìyẹn fóòtì iná ilé, pín wáàtì ohun èlò kí ó tó mú fíúsì. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì ń fa iná tó lé díẹ̀ ní áńpíà 4, nítorí náà fíúsì áńpíà 3 kò lè gbé e; èyí tó jẹ́ 13 ni yóò mú.

3. Yóò ṣe àfihàn iṣẹ́ náà ní ìpele-ìpele, yóò sì máa sọ ìdí ohun tí ó ń ṣe bí ó ti ń ṣe é. Yóò kọ́kọ́ tú ìdérí púlọ́ọ̀gì, yóò sì bó awọ òde wáyà láì gé awọ inú. Lẹ́yìn èyí, yóò gé láìfù àti níútírà kúrú ju ẹ́ẹ̀tì lọ, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá fa wáyà náà, ẹ́ẹ̀tì ni yóò já gbẹ̀yìn. Yóò wá so ẹ́ẹ̀tì sókè, níútírà sí òsì, láìfù sí ọ̀tún níbi tí fíúsì wà, láìjẹ́ kí kọ́pà kankan yọ síta. Awọ òde ni ìdìmú púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ fún mọ́, kì í ṣe awọ inú. Ìpele yìí ni kí olùkọ́ ṣọ́ jù, torí ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

4. Kí ó tó ti ìdérí náà padà, yóò fi mítà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò: ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dún pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀ nìkan ní òpin wáyà kejì, kò sì gbọdọ̀ sí ìró láàárín ẹsẹ̀ kan àti èkejì.

A kò kọ “yóò mọ̀” tàbí “yóò lóye” síbí, nítorí olùkọ́ kò lè fojú rí èyíkéyìí nínú wọn láti fún un ní máàkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ó ń ṣiṣẹ́” kò tó ẹ̀rí: áyọ́ọ̀nù yóò gbóná dáadáa bí a bá tilẹ̀ so láìfù sí ipò níútírà, tí a sì so níútírà sí ipò láìfù. Ẹni tí ó bá ṣi ẹ́ẹ̀tì tàbí láìfù so yóò tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bí gbogbo ìpele yòókù tilẹ̀ pé.