Ẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́ láti san owó fúláwà

Tákìí, Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Alákòóso Ibùdó Fúláwà,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.

Alàgbà,

Ẹ kú ọjà o, ẹ sì kú àmójútó wa. Ọjà ọ̀sẹ̀ tó kọjá dé láyọ̀. Àpò kan ló ya, awakọ̀ yín sì ti bá mi pààrọ̀ rẹ̀.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n máa san owó ọjà láàárín ọjọ́ 21 dípò ọjọ́ 7. Bí ẹ bá gbà, màá máa kó àpò 90 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láìfo ìkankan.

Ẹ wo ìwé mi lọ́dọ̀ yín: àpò 210 ní Oṣù Kẹfà, 90 ní Oṣù Keje, 150 ní Oṣù Kẹjọ. Oníbàárà kò wọ́n mi ní Oṣù Keje. Owó mi ló wà níta. Oníbúrẹ́dì 11 ni mò ń tà fún. Wọ́n á gba fúláwà, wọ́n á ṣe búrẹ́dì, wọ́n á pín in fún àwọn tó ń kiri àti àwọn onísọ́ọ̀bù, ìgbà tí owó bá tó padà sọ́wọ́ wọn ni wọ́n á tó san tèmi. Ó máa ń tó ọjọ́ 14 sí 18. Owó tí ǹ bá fi kó ọjà tuntun ni mo fi ń san ti àtijọ́, àwọn oníbàárà tí mo fi ọdún mẹ́fà wá á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ó ń dùn mí gan-an.

N kò ní kó gbogbo ẹrù náà lé yín lórí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbéra, màá san owó àpò 30 lójú ẹsẹ̀. 60 tó kù ni kí ẹ dá ọjọ́ 21 fún. Gbèsè mi kò ní ju owó àpò 120 lọ nígbà kankan. Mo mọ̀ pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra àlìkámà, nítorí náà iye tó bá wà lórí ìwé lọ́jọ́ náà ni màá san, bí fúláwà bá tilẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá bá gba ìsinmi, búrẹ́dì kì í tà tó bẹ́ẹ̀. Lásìkò náà, 70 ni màá kó, kò ní dín. Ọkọ̀ yín kò ní máa torí àpò 20 rìn wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́.

Ẹ rántí pé mo fi ọjọ́ méjì pẹ́ ní Oṣù Keje, ṣùgbọ́n mo ti pè yín kí ọjọ́ tó pé. Bí mo bá pẹ́ láìsọ, ẹ dá ọjà mi dúró.

Ẹ jẹ́ kí á fi oṣù mẹ́ta dán an wò. Màá wá sí Bódìjà ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11, pẹ̀lú ìwé àwìn àwọn oníbúrẹ́dì, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Àánú, oníṣòwò fúláwà.